Títọ́ Òròmọdìyẹ fún Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin, Kí A Tó Tà Wọ́n

Ẹni tó fẹ́ràn ohun ọ̀sìn tó sì ń gbé ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó lè máa bá àwọn èèyàn wẹ ajá wọn, ó lè máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ó sì lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa ta oúnjẹ adìyẹ. Kò sí èyí tí kì í mówó wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó bá ẹni tó ní yàrá kan péré lẹ́yìnkùlé mu ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi: kí èèyàn ra òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan, kó tọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó wá tà wọ́n fún àwọn tó fẹ́ sìn wọ́n dàgbà.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń rà wọ́n kò farasin. Ìyá àgbà tó fẹ́ sin adìyẹ márùn-ún sẹ́yìn ilé, tàbí bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì tó fẹ́ ogún, kò lè ráyè lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ pa ọmọ adìyẹ. Páálí páálí ni wọ́n ń tà á, àádọ́ta sì sábà máa ń wà nínú páálí kan. Kódà bí wọ́n bá rí márùn-ún rà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni òtútù yóò pa wọ́n. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí adìyẹ rọrùn jù láti kú sí yẹn gan-an ni ẹ ń tà. Ẹ bá wọn la inú rẹ̀ já, wọ́n sì sanwó rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún nọ́ílà ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ kan ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló mú irú adìyẹ yìí jáde fún ẹ̀yìnkùlé. Ó máa ń sanra ju adìyẹ ìbílẹ̀ lọ, ó ń yé ẹyin, kì í sì í rọ bí adìyẹ bròílà tí ooru ọ̀sán kan ṣoṣo lè pa. Ìdí rèé tí àwọn tó ń sìn ín nílé fi máa ń béèrè rẹ̀.

Yàrá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá tó fún ọgọ́rùn-ún títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ lọ sí sọ́míìlì, kí ẹ bá wọn kó pákó tí ẹ̀rọ fá, èyí tó gbẹ dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ má kó ìyẹ̀ igi tó kúnná, nítorí àwọn ọmọ náà yóò máa ṣà á jẹ. Àwọn kan máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn lé e lórí, ṣùgbọ́n ìwé náà ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ adìyẹ a sì là sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ títí tí kò fi ní lè dìde mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ da oúnjẹ sórí nǹkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, páálí tí ojú rẹ̀ rí háríhárí ni kẹ́ ẹ lò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má fi gbogbo yàrá sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi páálí tàbí páànù yí wọn ká, kí wọ́n má bàa sá jìnnà sí ooru.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí dáadáa, torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ jù. Ọmọ adìyẹ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ibi tó dúró sí ní láti gbóná tó ìwọ̀n 33 sí 35 sẹ́síọ́sì ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó sì máa fi bí ìwọ̀n 3 dín kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, oòrùn ọ̀sán lè ti ṣe iṣẹ́ náà láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, kó wá jẹ́ òru àti ìdájí nìkan ni ẹ ó máa dáná fún wọn. Ẹ ra tẹmómítà, kí ẹ gbé e kọ́ sí ibi tó bá orí wọn dọ́gba. Bí ẹ bá gbé e kọ́ sókè lára ògiri, irọ́ ni yóò máa pa fún yín.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni kẹ́ ẹ máa wò ju tẹmómítà lọ. Bí wọ́n bá rọ́ jọ sídìí iná tí wọ́n ń ké ṣíoṣío léraléra, òtútù ń mú wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ a sì kú nítorí àwọn tó gùn wọ́n. Bí wọ́n bá sá kúrò nídìí iná, tí wọ́n lanu tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá sì jọ wọ́ sí igun kan ṣoṣo, ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé. Nígbà tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí àwọn kan ń jẹun, tí àwọn mìíràn na ẹsẹ̀ tí wọ́n ń sùn, ẹ̀yin náà lè lọ sùn. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe ni kí n mú ọ̀kan, kí n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bí ẹsẹ̀ náà bá tutù, ara ọmọ náà tutù, ohun yòówù tí tẹmómítà ì báà wí.

Nítorí iná Nẹ́pà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, èédú nínú ìkòkò amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ dá èédú náà níta títí yóò fi pọ́n tí èéfín rẹ̀ yóò tán, kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ má ti fèrèsé pa o. Afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì lè pa adìyẹ àti èèyàn pọ̀ nínú yàrá tí kò ní ihò. Tapólì lẹ ó fi bo fèrèsé láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí òkè rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Nítorí èyí kan náà, èèyàn kò gbọ́dọ̀ sùn sínú yàrá náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ ti dáná ṣáájú kí páálí tó wọlé. Bí ẹ bá ń ṣí i, ẹ wo ìdodo wọn: èyí tí ìdodo rẹ̀ kò tíì pa dé, tó tutù tó sì pupa, kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ da ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tó dá ṣáṣá yóò dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ pò gúlúkóòsì díẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà, kí ẹ tó wá fún wọn lóúnjẹ sítátà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan àpòlúkù ogún nínú wọn. Ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀. Bí ẹ bá rí tó mẹ́ta tí tirẹ̀ ṣófo, ó jẹ́ pé iná kò tó tàbí pé ibi tí wọ́n ti ń mu omi kò pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ooru, oògùn àjẹsára ló kàn. Dókítà ẹranko ni yóò fún yín ní ètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbogbòò, ti àrùn Gọ́mbórò máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n sì tún un fún wọn, ti àrùn Niukásù tí à ń pè ní Lasótà a sì bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Inú omi ni wọ́n ti ń mu ún, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú oògùn náà. Kiloríìnì tó wà nínú omi ẹ̀rọ ń pa á, ooru náà sì ń pa á. Ẹni tó bá lo omi ẹ̀rọ láì ṣètọ́jú rẹ̀ ti da oògùn nù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, adìyẹ rẹ̀ a máa kú, a sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Omi kànga tó mọ́ ni mo ń lò, ìwọ̀n bíi lítà 2 fún ọgọ́rùn-ún tó wà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo máa ń po mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sí i, ṣíbí tíì kan sí lítà kan, kí ó lè gba oògùn náà lọ́wọ́ kiloríìnì tó bá ṣẹ́kù. Mo ti gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan tàbí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Inú yìnyín ni mo máa ń gbé oògùn náà bọ̀ láti ọjà. Mo ń pò ó ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Ìgò rẹ̀ tó kéré jù sábà máa ń tó igba adìyẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pò ó kò ṣeé tọ́jú. Nítorí náà, ó dára kí ẹ̀yin àti ẹni kejì tó ń ṣiṣẹ́ náà ládùúgbò jọ ra ìgò kan, kí ẹ jọ lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa ṣọ́ ìgbẹ́ wọn. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tí ìyẹ́ wọn wú, tí wọ́n dúró gelete bí ẹni tó ń sùn, àrùn kọkisídíósì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn tó ń wò ó wà. Ilẹ̀ tó tutù ló máa ń bí i. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú pákó fífá tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fún un: bí ó bá dì bí òkèlè, tí kò tú ká nígbà tẹ́ ẹ ṣíwọ́, ẹ kó ibẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gbé ohun ìmumi wọn lé orí bíríkì. Ilẹ̀ tó gbẹ kan náà ni kì í jẹ́ kí òórùn ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Ẹ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, torí mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó kó ọgọ́rùn-ún adìyẹ jáde lọ́jọ́ kọkànlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó rẹ̀ báyìí. Iye ọjà ń yí padà, nítorí náà ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò èyí tí mo bá dárúkọ. Ká ní ọmọ kan jẹ́ ₦1,000, ọgọ́rùn-ún jẹ́ ₦100,000. Wọn óò jẹ nǹkan bí àpò oúnjẹ mẹ́rin oníkílò 25 kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí àpò kan bá jẹ́ ₦22,000, ₦88,000 nìyẹn. Ká fi ₦32,000 sí èédú, oògùn àti pákó fífá. Gbogbo rẹ̀ di ₦220,000. Bí márùn-ún bá kú, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni yóò ru ẹrù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì ti ná yín ní nǹkan bí ₦2,316. Bí ẹ bá tà á ní ₦3,000, èrè yín jẹ́ ₦65,000. Ṣùgbọ́n bí ogún bá kú, ₦2,750 ni ọ̀kan ná yín, èrè náà a sì já sí ₦20,000 péré. Ẹ̀yin náà rí i pé òròmọdìyẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé ₦45,000 lọ. Ìdí rèé tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ fi àádọ́ta bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo iye tí yóò kú.

Ní ti oníbàárà, ẹ wò síwájú. Ẹni tó fẹ́ pa àkùkọ nígbà Kérésìmesì máa ń wá ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, èyí tó túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni kí páálí yín ti wọlé. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tà á, ẹ kọ orúkọ oògùn tí wọ́n ti gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sínú ìwé, kí ẹ fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé ti àrùn ilẹ̀gbóná adìyẹ ṣì kù. Ẹni tó bá ń ṣe àìsàn nínú wọn, ẹ má tà á, ì báà jẹ́ ní ẹ̀dínwó, torí yóò kó o ran àwọn tó bá nílé ibẹ̀.

Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá ti jáde, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ dànù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ yàrá náà, kí ẹ da oògùn apakòkòrò sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó páálí tuntun wọlé lọ́jọ́ kejì nítorí oníbàárà ti ń dúró, ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ikú wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin iṣẹ́ àti ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi ń fún yín ní ìgbà mẹ́jọ lọ́dún, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹsàn-án kún un fún yín.