Ọ̀rọ̀ Kan, Ọ̀nà Ìtumọ̀ Mẹ́rin: Bí Adájọ́ Ṣe Ń Ka Òfin

Abala 57 nínú òfin ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1861 sọ pé ẹni tó bá ní ọkọ tàbí aya, tó tún fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, ti ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7. Gbólóhùn náà rọrùn lójú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa wàhálà: “fẹ́”. Ṣé kí èèyàn méjì di tọkọtaya lójú òfin ni, àbí kí wọ́n ṣáà jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àlùfáà tàbí akọ̀wé ìgbéyàwó, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé?

Ẹjọ́ Henry Allen ló gbé ìbéèrè yìí dé iwájú àwọn adájọ́ lọ́dún 1872. Ìyàwó tí Allen kọ́kọ́ fẹ́ ti kú, ó sì ti fẹ́ òmíràn. Ìyàwó kejì yìí wà láàyè nígbà tí Allen tún lọ ṣègbéyàwó pẹ̀lú obìnrin kẹta, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó kú. Òfin ọdún 1835 ti sọ irú ìgbéyàwó àárín àna bẹ́ẹ̀ di òfo. Nítorí náà ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣe sọ pé bí Allen ò tiẹ̀ láya nílé, ìgbéyàwó yìí kò lè dúró, a jẹ́ pé kò “fẹ́” ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí adájọ́ mú ọ̀rọ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ohun yòówù kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí “fẹ́” bá jẹ́ kí wọ́n di tọkọtaya lójú òfin, ọwọ́ òfin kò ní tẹ Allen. Ṣùgbọ́n kò ní tẹ ẹnikẹ́ni mìíràn pẹ̀lú, torí ẹni tó ti láya kò lè ní aya kejì lójú òfin ilẹ̀ náà. Abala 57 yóò wá di òfin tí kò sẹ́ni tó lè rú u láéláé.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì, tí àwọn amòfin ń pè ní ìlànà oníwúrà, ti wọlé. Ó ní kí adájọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òfin, àyàfi bí ìtumọ̀ náà bá gbé òmùgọ̀ jáde. Nígbà náà, kí ó mú ìtumọ̀ mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà. Adájọ́ àgbà Cockburn ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní “fẹ́” túmọ̀ sí kí èèyàn ṣe ètò ìgbéyàwó. Allen sì jẹ̀bi.

Síbẹ̀, ìlànà oníwúrà nìkan kò parí ẹjọ́ náà. Ìtumọ̀ kan wà láàárín: ìgbéyàwó tí ì bá dúró ká ní ti àkọ́kọ́ kò sí. Ìyẹn kì í ṣe òmùgọ̀ rárá, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ṣì jẹ̀bi. Òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ Áílándì gbà lọ́dún 1866 nínú ẹjọ́ Fanning, wọ́n sì dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ méjì ka ọ̀rọ̀ kan náà, èsì wọn takora.

Ọ̀nà kẹta ló lè là wọ́n. Ẹjọ́ Heydon ti ọdún 1584 ló fi í lélẹ̀: kí adájọ́ béèrè bí òfin ṣe rí tẹ́lẹ̀, aburú wo ni kò kápá, ìwòsàn wo ni òfin tuntun mú wá, àti kí nìdí rẹ̀. Ṣáájú ọdún 1604, ilé ẹjọ́ ìjọ nìkan ló ń bá ẹni tó fẹ́ aya méjì wí. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn ṣàlàyé aburú náà fúnra rẹ̀: àwọn tó ti láya ń sá kúrò ní àdúgbò wọn lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń ṣègbéyàwó níbẹ̀. Ìwà ẹ̀tàn ni aburú náà, ohun tí Allen sì ṣe kò yàtọ̀. Bóyá obìnrin náà bá a tan tàbí kò bá a tan kò yí i padà. Ìdí yìí ni ìdájọ́ Cockburn fi lágbára ju ti Áílándì lọ.

Ọ̀nà kẹrin ń wo ète òfin lódindi, kì í ṣe aburú àtijọ́ nìkan. Bí ète abala 57 bá jẹ́ láti dáàbò bo ètò ìgbéyàwó kí aráàlú lè gbẹ́kẹ̀ lé e, Allen jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti dáàbò bo ẹni tí wọ́n tàn jẹ nìkan, ta ló jẹ̀bi bí obìnrin náà bá mọ̀ pé ọkùnrin náà láya nílé? Adájọ́ ló ń yan ète, ibẹ̀ sì ni ewu wà, pàápàá nínú òfin tó ń ránni lẹ́wọ̀n. Cockburn náà pààlà: ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin mọ̀ sí ìgbéyàwó. Ẹni tó hùmọ̀ ayẹyẹ tara rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó kọ òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún adájọ́. Abala 370 sọ ọ́ kedere pé ìgbéyàwó kejì náà jẹ́ òfo nítorí pé ọkọ tàbí aya àkọ́kọ́ wà láàyè, ó sì ní kí ẹni tó ṣe é ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7.