Ìpín ìdáàbòbò tó ń dín ewu kù jù lọ

Ìpín ìdáàbòbò tó ń dín ewu kù jù lọ jẹ́ nọ́ḿbà tí ó ń sọ iye tọ́ọ̀nù tí oníṣòwò yóò tà nínú àdéhùn ọjọ́ iwájú fún tọ́ọ̀nù ọjà kọ̀ọ̀kan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn má baà yí padà púpọ̀. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

```
h* = ρ × σS / σF
```

σS ni ìwọ̀n ìyípadà iye ojú-ẹsẹ̀, ìyẹn iye tí a ń ta ọjà náà gan-an. σF ni ìwọ̀n ìyípadà iye àdéhùn ọjọ́ iwájú. Ìwọ̀n ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń fi hàn bí àyípadà iye ṣe máa ń jìnnà tó sí àárín rẹ̀. ρ ni ìbátan tó wà láàárín àyípadà méjèèjì: bí ó bá jẹ́ 1, iye méjèèjì ń bá ara wọn rìn láìyà, bí ó bá jẹ́ 0, ìrìn ọ̀kan kò sọ ohunkóhun nípa ti èkejì.

Leland Johnson ni ó gbé èrò yìí kalẹ̀ ní ọdún 1960, tí Jerome Stein sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1961. Ní ọdún 1979, Louis Ederington lò ó láti wọn bí àwọn ọjà àdéhùn tí ó jẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà nígbà náà ṣe lè dáàbò bo àwọn tó ń lò wọ́n.

## Ìdí tí kì í fi í ṣe tọ́ọ̀nù fún tọ́ọ̀nù

Òwò kòkó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àdéhùn ọjọ́ iwájú kòkó kan ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì dúró fún tọ́ọ̀nù 10. Oníṣòwò tí ó ní tọ́ọ̀nù 500 nínú ilé ìpamọ́ ní Àkúrẹ́ lè rò pé àdéhùn 50 ni kí òun tà. Èyí ìbá tọ́ bí iye kòkó ní Àkúrẹ́ àti ní Niu Yọ́ọ̀kì bá ń yí padà ní ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n òjò, ọ̀rinrin inú kòkó, owó ọkọ̀ àti bí àwọn olùrà ṣe ń wá kòkó Nàìjíríà sí máa ń ti iye Àkúrẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìkan Niu Yọ́ọ̀kì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ni à ń pè ní àlàfo iye. Àlàfo yìí kò dúró lójú kan, àdéhùn kò sì lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí oníṣòwò bá ta àdéhùn ní ìpín h, ewu tí ó kù lórí tọ́ọ̀nù kan, tí a ṣe ní ìlọ́po ara rẹ̀, ni:

```
V = σS² + h²σF² − 2hρσSσF
```

Apá àkọ́kọ́ ni ewu tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá kejì ni ewu tuntun tí àdéhùn fúnra rẹ̀ mú wá. Apá kẹta ni èyí tí ó bá a mú kúrò. Bí h ṣe ń pọ̀ sí i, apá kẹta ń pọ̀ ní ìwọ̀n h, ṣùgbọ́n apá kejì ń pọ̀ ní ìwọ̀n h lọ́nà h. Nítorí náà, ó dé ibì kan tí àdéhùn tí a bá fi kún un ń mú ewu wá ju èyí tí ó ń mú kúrò lọ. Ibẹ̀ ni h*. Bí a bá kọjá ìlọ́po méjì h*, ó sàn kí a má ta àdéhùn rárá.

## Àpẹẹrẹ

Ká ní oníṣòwò Àkúrẹ́ náà yóò ta kòkó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ká ní àkọsílẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀n ìyípadà iye Àkúrẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta jẹ́ dọ́là 240 lórí tọ́ọ̀nù kan, ti àdéhùn jẹ́ 300, ìbátan wọn sì jẹ́ 0.85.

```
h* = 0.85 × 240 / 300 = 0.68
N* = 0.68 × 500 / 10 = 34
```

Àdéhùn 34 ni yóò tà, kì í ṣe 50. Láìsí ìdáàbòbò, ìwọ̀n ìyípadà owó gbogbo kòkó náà jẹ́ 240 × 500, ìyẹn dọ́là 120,000. Pẹ̀lú àdéhùn 34, ó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 63,200. Pẹ̀lú àdéhùn 50, ó jẹ́ nǹkan bí 79,400. Àdéhùn 16 tí ó lé náà kò dáàbò bo kòkó kankan. Wọ́n kàn dá ewu kún ewu ni.

Bí iye àdéhùn bá já wálẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 300, èrè àdéhùn 34 jẹ́ 34 × 10 × 300, ìyẹn 102,000. Bí iye Àkúrẹ́ bá já pẹ̀lú 204, àdánù orí kòkó náà jẹ́ 102,000, méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n bí iye Àkúrẹ́ bá já pẹ̀lú 260, àdánù jẹ́ 130,000, oníṣòwò yóò sì fi 28,000 pàdánù. Èyí ni ewu àlàfo iye. Ìdá ewu V tí ìpín yìí lè mú kúrò jẹ́ ρ², tí í ṣe 0.72 níbí.

## Bí a ṣe ń rí àwọn nọ́ḿbà náà

Àyípadà iye ni a ń fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe iye fúnra rẹ̀. Ọjà méjì tí owó wọn jọ ń gòkè fún ọdún púpọ̀ lè dà bí ẹni pé wọ́n tan mọ́ra, bí àyípadà ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ wọn kò tilẹ̀ jọra. Bí a bá to àyípadà méjèèjì sórí àwòrán tí a sì fa ìlà tí ó bá wọn mu jù lọ, ìdagẹ̀rẹ́ ìlà náà ni h*.

Gígùn àkókò náà ṣe pàtàkì. Iye tí wọ́n ń ná ní Àkúrẹ́ lè má tẹ̀ lé Niu Yọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà àyípadà ojoojúmọ́ lè mú kí ρ kéré ju bí ó ti rí lọ. Àyípadà ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù sún mọ́ ohun tí oníṣòwò yóò bá pàdé. Owó kan náà ni a sì gbọ́dọ̀ fi ka iye méjèèjì. Bí a bá ka ti Àkúrẹ́ ní náírà tí a ka èkejì ní dọ́là, ìṣubú náírà yóò wọ inú ìṣirò bí ẹni pé ó jẹ́ ìrìn kòkó.

## Ibi tí ó ti ń kùnà

Nọ́ḿbà àtẹ̀yìnwá ni ìpín yìí gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ìbátan inú àpẹẹrẹ òkè bá já láti 0.85 sí 0.3, h* yóò di 0.24, ìlọ́po méjì rẹ̀ yóò sì jẹ́ 0.48. Ẹni tí ó ṣì di 0.68 mú ti kọjá ààlà yẹn: ìwọ̀n ìyípadà rẹ̀ di nǹkan bí dọ́là 264 lórí tọ́ọ̀nù kan, nígbà tí ẹni tí kò ta àdéhùn kankan ṣì wà ní 240. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé àlàfo iye bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ tàbí kí ó sún kì, lọ́nà tí kò ti í ṣe rí nínú àkọsílẹ̀. Ìyípadà òfin ọjà lè fà á. Lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, iye tí a ń san fún àgbẹ̀ kúrò lábẹ́ ìgbìmọ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ọjà. Àkọsílẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún náà kò lè sọ ìpín tí ó yẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkùnà kejì kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ojoojúmọ́ ni ọjà pàṣípààrọ̀ ń béèrè owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ń pàdánù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, iye kòkó ní Niu Yọ́ọ̀kì kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí iye bá gòkè pẹ̀lú 1,000, àdéhùn 34 yóò béèrè dọ́là 340,000 lójú ẹsẹ̀, nígbà tí èrè orí kòkó ṣì wà nínú àpò ní ilé ìpamọ́. Oníṣòwò tí kò rí owó náà san yóò pàdánù àdéhùn rẹ̀ kí ó tó ta kòkó, bí ìpín rẹ̀ tilẹ̀ tọ́.