Ta Ni “Ẹ” Inú Ímeèlì Yìí?

Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, mo kọ ímeèlì kan tí kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi rìsíìtì owó káfíńtà ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.” Àdírẹ́sì èèyàn mẹ́ta ni mo kó sí ìlà To: ti alága, ti akápò, àti ti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wa wò. Ọjọ́bọ̀ dé, rìsíìtì ò dé. Alága rò pé akápò ni mò ń bá wí. Akápò ní orúkọ alága ló ṣáájú, òun sì ń retí kí alága kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni kẹta ní òun rò pé mo kàn fi tó òun létí ni.

Èmi ni mo jẹ̀bi, àmọ́ èdè wa náà lọ́wọ́ sí i. “Ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo náà ni “ẹ” tí a fi ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀. Bí a bá jọ jókòó, ojú ni a fi ń yanjú èyí: mo wo akápò, mo ní “ẹ fún mi”, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tí mò ń bá wí. Ímeèlì ò lójú tó fi ń woni. Àwọn ìlà mẹ́ta òkè rẹ̀, To, Cc àti Bcc, ló ń bá a wò ó, ara lẹ́tà á sì wá dárúkọ.

Kí n tó fi ẹnikẹ́ni sí To báyìí, mo máa ń bi ara mi pé: bí ẹni yìí bá ka lẹ́tà yìí tán tí kò ṣe nǹkan kan, ṣé iṣẹ́ á dúró? Bí iṣẹ́ á bá dúró, To ni àyè rẹ̀. Bí kò bá ní dúró, àmọ́ tí yóò dùn ún pé wọn ò sọ fún òun, Cc ni. Ti rìsíìtì yẹn, ọwọ́ akápò nìkan ló wà. Lẹ́tà tó yẹ kí n ti kọ nìyí:

“Bàbá Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi rìsíìtì owó tí a san fún káfíńtà ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo fi alága sí i kí wọ́n lè mọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Alága wa, mo kí yín o. Fún ìmọ̀ yín ni.”

Ẹ wo ibi tí mo kí alága sí. Òkè kọ́, ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tí a bá kí lókè lẹ́tà máa ń rò pé òun ni a ń retí èsì lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe kí àgbà wà níbẹ̀ kí a má kí i. Àwọn àgbà kan máa ń bínú pé wọ́n fi àwọn sí Cc, bí ẹni pé wọ́n ní kí àwọn lọ jókòó sẹ́yìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó di ọkọ́ mú ló wà ní To. Ẹni tó ni oko lè wà ní Cc, kó máa wò ó.

Nínú lẹ́tà náà, akápò ni “ẹ”, alága sì ni “wọ́n”, àfi ní gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn tí mo ti pe orúkọ oyè rẹ̀ kí n tó sọ pé “yín”. Ẹni tí a pè ní “wọ́n” yìí ń ka ọ̀rọ̀ náà o. Ohun tí a ò bá lè sọ nípa alága nígbà tó wà lórí àga, kò gbọdọ̀ wọ inú lẹ́tà tó ní orúkọ rẹ̀ ní Cc. Bí èèyàn méjì bá sì ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ṣe, kí àwọn méjèèjì wà ní To, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀.

Ayé táípùráítà ni Cc ti wá. Táípíìsì á fi pépà kábọ̀nù sáàárín bébà méjì. Ohun tó bá tẹ̀ sí tòkè á yọ sára tìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ kó gbọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹni tó gba tòkè mọ̀ pé ẹlòmíràn gba ẹ̀dà, ara ẹ̀dà nìkan ni wọ́n á tẹ orúkọ onítọ̀hún sí. Bcc nìyẹn.

Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fi àdírẹ́sì sí Bcc, ẹ̀rọ á fi jíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni fi orúkọ sẹ́yìn àpò ìwé, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ó hàn lórí lẹ́tà tí àwọn tó kù ń kà. Ìdí tó tọ́ jù láti lò ó ni ìkéde fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí mo bá ń kọ̀wé sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ owó, àdírẹ́sì tèmi ni mo ń fi sí To, tiwọn á sì wà ní Bcc. “Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa” ni mo fi ń kí wọn, n ò ní dárúkọ ẹnì kankan, n ò sì ní kọ “gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí orúkọ ara yín lókè”. Gbólóhùn kan á wà tó sọ irú àwọn tí mo kọ ọ́ sí, torí ẹni tí kò bá rí orúkọ ara rẹ̀ lókè lè rò pé lẹ́tà náà ṣìnà.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá ṣi ìlà mú ti ṣẹlẹ̀ ní Sìkọ́tílándì. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ HIV Scotland fi ímeèlì ránṣẹ́ sí èèyàn 105, gbogbo àdírẹ́sì sì hàn sí gbogbo wọn. Márùndínláàádọ́rin nínú àdírẹ́sì náà ló fi orúkọ ẹni tó ni ín hàn. Ẹni tó bá rí orúkọ ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ lè méfò nípa àìsàn rẹ̀. Ní 2021, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àṣírí aráàlú ní Bìrìtéènì bu owó ìtanràn 10,000 pọ́n-ùn lé wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan nínú ara lẹ́tà yẹn. Orí rẹ̀ ló tú àṣírí.

Lílò kejì ni n kì í fẹ́: kí èèyàn fi ọ̀gá sí Bcc kó lè máa yọjú wo ohun tí a ń sọ fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá yẹn bá ṣèèṣì tẹ Reply all, èsì rẹ̀ á balẹ̀ síwájú gbogbo àwọn tó wà ní To àti Cc, wọ́n á sì mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pọndandan kó rí i, ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ tó wá tẹ Forward láti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀. Bó bá fèsì, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni èsì á wá.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń dárúkọ Bcc nínú ara lẹ́tà. Bí alága bá fi èmi àti káfíńtà mọ ara wa, tí ọ̀rọ̀ wá ku ti ìwọ̀n pákó àti iye ìṣó, kò yẹ kí fóònù alága máa dún ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń kọ pé: “Ẹ ṣeun, Alága wa. Mo ti gbé yín sí Bcc kí a má baà dí yín lọ́wọ́.” Ó rí ìyẹn gbà, káfíńtà náà rí i pé mo dúpẹ́, èsì tó bá sì tẹ̀ lé e kò ní dé ọ̀dọ̀ alága mọ́.

Ti rìsíìtì àárọ̀ yẹn, mo tún lẹ́tà kọ ní ọjọ́ Ẹtì, akápò nìkan ni mo fi sí To. Ó fèsì kí n tó jẹun ọ̀sán tán: “Akọ̀wé, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí láti ọjọ́ yìí?”