Ìwé Ẹsikúùsì Dúútì: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ọ̀gá Rẹ Kà Níbẹ̀?

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àjáh, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í kọ ìwé ìsinmi àìsàn, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ẹsikúùsì dúútì. Ìwé pélébé ni, ṣùgbọ́n ó lè tú àṣírí tí ènìyàn kò tíì sọ fún ìyá tí ó bí i.

Obìnrin kan wà tí ó ń tajà ní ilé ìtajà ńlá kan lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Oyún oṣù mẹ́ta bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ilé ìwòsàn tí ó kọ́kọ́ lọ kọ ọ́ gbangba sínú ìwé rẹ̀ pé: "Oyún bàjẹ́, a sì ti fọ ilé ọmọ rẹ̀." Ó fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá fún kíláàkì, kíláàkì sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ilé ìtajà ti gbọ́. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bi mí pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, àbúrò mi."

Òfin Ètò Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ní apá 26 pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ara aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn àfi bí aláìsàn bá fi ìwé gbà wá láyè, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bí fífi í pamọ́ bá lè ṣe ìlera àwọn ará ìlú ní ewu ńlá. Òfin Iṣẹ́, ní apá 16, fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún nígbà àìsàn, bí dókítà tí ó ní ìwé àṣẹ bá jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé èmi nọ́ọ̀sì lè bá dókítà kọ ìwé náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò fọwọ́ sí i.

Ohun mẹ́ta péré ni ọ̀gá nílò: pé dókítà yẹ òṣìṣẹ́ náà wò, ọjọ́ tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe bí ó bá padà. Orúkọ àìsàn kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báyìí ni ìbá ti dára kí ìwé obìnrin wa yìí rí:

"Mo jẹ́rìí pé mo yẹ obìnrin yìí wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù yìí. Ara rẹ̀ kò le tó láti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10. Kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbé ẹrù wúwo títí di ọjọ́ 25."

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ obìnrin náà, orúkọ dókítà, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ pé Ajé sí Ẹtì ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni ó lò. Ó ku 7 nínú 12.

Ẹ ṣọ́ra, nítorí àṣírí lè gba ẹ̀yìn jáde. Bí òǹtẹ̀ bá ń kà pé "Ẹ̀ka Aboyún" tàbí "Ẹ̀ka Ikọ́ Ife", ọ̀rọ̀ ti tú. Ẹ béèrè fún òǹtẹ̀ gbogboogbò, ẹ má sì so rìsíìtì oògùn mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn a ní, "Ẹ kàn kọ ibà." A kò ní kọ ọ́. Irọ́ ni, dókítà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí irọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ibà wo ni kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé páálí fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ọ̀gá yóò fura. Bákan náà, a kì í fa ọjọ́ sẹ́yìn. Bí àìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, a ó kọ pé aláìsàn ló sọ bẹ́ẹ̀, a ó sì fi ọjọ́ tí a rí i gan-an síbẹ̀.

Bí àìsàn bá kan iṣẹ́ ńkọ́? Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe alásè, a ó kọ pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan oúnjẹ títí dókítà yóò fi tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn tó láti dáàbò bo àwọn tí ń jẹun.

Bí ọ̀gá bá sì tẹ̀ wá láago, èsì kan ni a ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ wa ni ìwé náà ti jáde." Bí ó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda tí aláìsàn fọwọ́ sí wá. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì, ẹ ka ìwé yín tán.