Ẹ má tíì dá jẹ̀dí lẹ́bi, ẹ lọ yẹ ọkàn yín wò

Ní Màlúù Róòdù, níbi tí Àpápá ti wọ Ajégúnlẹ̀, tí ọkùnrin bá rọra sọ fún ìyá elágbo pé nǹkan ọmọkùnrin òun ò dìde dáadáa lálẹ́ àná, ìyá ò ní bi í ní ìbéèrè méjì. "Jẹ̀dí ni. Dídùn ti pọ̀ lára ẹ." Á bu agbo jẹ̀dí fún un, á fi ale díẹ̀ lé e, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa tírélà.

Ẹni ọdún 44 ni Bọ̀dá. Inú ọkọ̀ ló ń sùn tí wọ́n bá tò síta lọ sí Tín-Káàn, sìgá àti paraga ló sì fi ń lé oorun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, á dìde, á tún rọ̀ kó tó ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, kò dìde láàárọ̀ mọ́ rárá. Ó mu agbo, ó ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀, tó bá ń fa tapólì sórí ẹrù, àyà rẹ̀ á fún, á ní láti jókòó. Ìyẹn ló gbé e dé ọsibítù. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170/105, bẹ́ẹ̀ 140/90 ni wọ́n ti ń pe ìfúnpá ní gíga. Súgà rẹ̀ náà ti ga.

Ìbéèrè tí dókítà bi í ló yà mí lẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń dìde fúnra rẹ̀?"

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé nǹkan ọmọkùnrin dìde. Tí ara bá gbóná, ọpọlọ á ránṣẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé, á há síbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀. Èyí tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ jẹ́ bíi 3 sí 4. Sìgá, ìfúnpá gíga, ìtọ̀ súgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń ba inú àwọn iṣan méjèèjì jẹ́ pọ̀. Èyí tó kéré ló máa kọ́kọ́ dí, bí páìpù tín-ín-rín ṣe ń dí ṣáájú ńlá. Ìdí nìyí tí àìlèdìde fi sábà máa ń ṣáájú ìrora àyà ní nǹkan bí ọdún 2 sí 5. Ọdún wọ̀nyẹn ni Bọ̀dá fi ń mu agbo.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kan ọkàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 26 náà ní irú ìṣòro yìí. Lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, kò dìde. Tó bá jí láàárọ̀, ó le koko. Owó ilé ló ń dààmú rẹ̀, ó sì ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ló bá ń bẹ̀rù pé á tún já òun kulẹ̀. Ẹ̀rù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, nítorí náà ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń pa á. Tó bá dédé bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àárọ̀ sì dáa, inú orí ló sábà ti ń wá. Tó bá ń burú díẹ̀díẹ̀, tí ti àárọ̀ náà sì lọ, ẹ wo iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì lásán nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́: méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn oògùn ìfúnpá kan náà lè dá kún un. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Fáyágírà. Àyà dídùn ni wọ́n ń wá oògùn fún ní ilé-iṣẹ́ Fáísà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí ohun mìíràn tó ń ṣe. Ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìlèdìde. Ó ń la iṣan fún wákàtí mélòó kan, kò tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe. Ewu ńlá sì wà níbẹ̀: tí ẹni tó ń fi oògùn àyà sábẹ́ ahọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ ọn, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé ó lè kú. Ẹni tó ń tà á ní kẹ́míìsì lè má bi yín bóyá ẹ ń lo ìkejì.

Bọ̀dá ti fi sìgá sílẹ̀, ó ń lo oògùn ìfúnpá àti ti súgà. Kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ àyà rẹ̀ ò fún mọ́. Tó bá ti ń ṣe yín bíi ti Bọ̀dá, tó sì ti ju oṣù 3 lọ, ẹ yẹ ìfúnpá, súgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìyá elágbo. Tí àyà bá sì ń fún yín tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró de ọ̀la.