Ọ̀fìnkìn àti 'Oògùn Apakòkòrò': Àṣìṣe tí ó wà nínú Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'kòkòrò', ni a fi ń pe ohun tí ó ń jẹ ewé lóko àti ohun tíntìnní tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ń fa àrùn. Láti ara rẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá 'oògùn apakòkòrò' fún pẹnisílìn, tẹtirasáíkílìn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Orúkọ náà rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Ẹni tí a sọ fún pé kòkòrò ni ó fa ọ̀fìnkìn, tí a sì sọ fún pé kápúsù yìí ń pa kòkòrò, kò ní ṣàì gbé e mì.

Oríṣi méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Bakitéríà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan tí ó dá dúró. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ògiri líle tí ó yí wọn ká. Pẹnisílìn kì í jẹ́ kí wọ́n rí ògiri náà mọ dáadáa. Omi a sì rọ́ wọ inú wọn títí wọn yóò fi bẹ́. Tẹtirasáíkílìn ní tirẹ̀ a máa dí ohun tí bakitéríà fi ń ṣe purotéènì lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì, tí ó ń fa ọ̀fìnkìn àti fúlúù, kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, kò sì ní ohun tí ó lè fi ṣe purotéènì fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì imú àti ọ̀fun wa ni ó ń wọ̀, ohun èlò tiwa ni ó sì ń lò láti pọ̀ sí i. Ta ni yóò wó ògiri tí kò sí?

Kí ni ó wá dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹ́rìí sí i? Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́rú, imú rẹ̀ dí, ikun rẹ̀ ki, ó sì di àwọ̀ ewé. Ó ra kápúsù mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, ara ti ń tù ú. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀fìnkìn sábà máa ń le jù, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Àwọ̀ ewé náà kì í ṣe ẹ̀rí bakitéríà. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ń gbèjà ara ni ó ń fà á.

Kápúsù náà kò bá ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó bá bakitéríà tí ó ń ṣe ìfun wa lóore; ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀lé e. Àwọn tí oògùn kò ràn ni yóò ṣẹ́ kù, wọn yóò sì máa bí sí i. Bí irú wọn bá wá wọ ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn náà, tàbí tí wọ́n ran ọmọ inú ilé, oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílìn, ti kìlọ̀ ní 1945 pé ìwọ̀n oògùn tí kò tó lè sọ bakitéríà di aláìgbóògùn.

Nígbà mìíràn, bakitéríà a máa tẹ̀lé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Bí ara bá ti ń yá tí ibà sì tún padà, tàbí tí mímí ń ni ènìyàn lára, kí ó tọ dókítà lọ.

Nítorí náà, 'oògùn agbógun-ti-bakitéríà' ni mo dábàá dípò 'apakòkòrò'. Ó dárúkọ ọ̀tá náà gan-an. 'Agbógun-tì' sì tún dára ju 'apa' lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pani: tẹtirasáíkílìn sábà máa ń dá bíbísíi bakitéríà dúró ni.