Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Òǹkà Ọjọ́-Ìbí, Òǹkà Àgbà àti Òǹkà Ipa-Ayé

Àwọn tó ń fi òǹkà túmọ̀ ìwà ẹ̀dá gbà pé òǹkà ipa-ayé ló ń sọ ọ̀nà tí ènìyàn yóò tọ̀. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ìbí lápapọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Òǹkà ọjọ́-ìbí kò kọjá ọjọ́ inú oṣù nìkan, òǹkà àgbà ní tirẹ̀ kò sì lè jáde láìsí orúkọ. Kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti ìtumọ̀ wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn ṣe é yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní ọdún 1979, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1937 ni àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀. Àròpọ̀ 1, 9, 3 àti 7 jẹ́ 20, èyí tó di 2. Bí a bá ro 5, 3 àti 2 pọ̀, 10 ni, èyí tó di 1. Òǹkà ipa-ayé rẹ̀ nìyí, òǹkà tí wọ́n ń pè ní ti aṣáájú. Òǹkà ọjọ́-ìbí rẹ̀ ni 5, ẹ̀bùn kan péré tí wọ́n ní ó ń bá ènìyàn rìn lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 1937 yóò ní 5 kan náà, ṣùgbọ́n 8 ni ipa-ayé tirẹ̀.

Ní ti òǹkà àgbà, òǹkà orúkọ ni wọ́n ń rò mọ́ ti ipa-ayé. Wọ́n ní láti nǹkan bí ọmọ ọdún 35 sí 45 ló ń fara hàn. Gbogbo orúkọ àbísọ ló yẹ kí wọ́n lò, ṣùgbọ́n méjì tó fún àpẹẹrẹ yìí. Wọ́n ń fún álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ní 1 sí 9, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Báyìí, OLUSEGUN jẹ́ 33, OBASANJO jẹ́ 23. Àpapọ̀ wọn, 56, di 11, ó di 2. Bí a bá fi 1 ti ipa-ayé kún un, òǹkà àgbà jẹ́ 3.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí: álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kò mọ Ṣ yàtọ̀ sí S, kò mọ Ẹ àti Ọ. Bí a bá lo lẹ́tà Yorùbá 25 lọ́nà kan náà, Olúṣẹ́gun jẹ́ 42, Ọbásanjọ́ jẹ́ 30. Àpapọ̀ wọn, 72, di 9. Òǹkà àgbà sì di 1 dípò 3. Ọkùnrin kan náà, orúkọ kan náà, lẹ́tà ló yàtọ̀.

Ọjọ́ ìbí pàápàá kò dúró sójú kan. Ìfojúdá ni ọjọ́ 5 yẹn, nítorí pé wọn kò kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sílẹ̀, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ àgbà ìran rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 6 ni, òǹkà ọjọ́-ìbí yóò di 6, ipa-ayé yóò di 2, òǹkà àgbà pẹ̀lú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì yóò sì di 4.